Káàdì tó ń kọ̀ bí ẹ bá fi kan ẹ̀rọ, tó sì ń gbà bí ẹ bá tì í bọ ihò: bí ẹ ṣe máa mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà

Ọdún méje ni mo fi jókòó sídìí ẹ̀rọ ìgbowó ní ìsọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí mo bá ní kí n máa ka iye ìgbà tí mo rí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò ní lè kà á tán. Oníbàárà á fi káàdì kan ẹ̀rọ, ẹ̀rọ á kọ̀. Á tún fi kàn án, á tún kọ̀. Ìlà ti gùn lẹ́yìn rẹ̀, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Nígbà tó bá wá ti káàdì yẹn kan náà bọ ihò ẹ̀rọ, tó tẹ píìnì, owó á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Gbólóhùn tó máa ń tẹ̀ lé e ni, "Owó wà níbẹ̀ o! Ẹ̀rọ yín ni kò dáa." Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ̀rọ kò ṣẹ̀, owó náà kò sì tán.

Àbúrò ìyá mi tó ń gbé ní Peckham ló mú kí n jókòó kọ èyí sílẹ̀. Láàárín oṣù kan, káàdì wọn kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ohun tó fà á lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò sì jọra. Wọ́n rò pé àìsàn kan náà ni. Bí ìtàn wọn ṣe lọ ni màá fi ṣe ọ̀nà tí a máa tọ̀. Ìlú Ọba ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, òfin ibẹ̀ ni mo sì ń sọ.

Ẹ kọ́kọ́ wo bí ó ṣe kọ̀

Kí ẹ tó pe báńkì, kí ẹ tó bú kaṣíà, ẹ wo ojú ẹ̀rọ kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Ọ̀nà mẹ́ta ló ń gbà kọ káàdì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní ibi tó ń tọ́ka sí.

Ọ̀nà kìíní: ẹ gbé káàdì lé e, kò dún, iná orí rẹ̀ kò tàn, iye owó tó wà lójú rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Tàbí kó kọ `CARD READ ERROR` tàbí `TRY AGAIN`. Ìtumọ̀ èyí ni pé káàdì àti ẹ̀rọ kò gbọ́ ohùn ara wọn. Báńkì yín kò tíì mọ̀ pé ẹ wà ní ìsọ̀ kankan.

Ọ̀nà kejì: ẹ̀rọ dún píì, ó rí káàdì, ṣùgbọ́n ó kọ `INSERT CARD` tàbí `USE CHIP AND PIN`. Kò lé yín padà. Ó ń sọ pé ẹ fi píìnì jẹ́rìí pé ẹ̀yin lẹ ni káàdì.

Ọ̀nà kẹta: ó dún, ó ronú fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, ó wá kọ `DECLINED` tàbí `NOT AUTHORISED`. Ẹnì kan ti dáhùn níhìn-ín pé rárá, ẹni náà sì sábà máa ń jẹ́ báńkì yín.

Ẹ má fi ọ̀nà kejì àti ẹ̀kẹta búra jù, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan wà tó jẹ́ pé `DECLINED` ni wọ́n ń kọ fún méjèèjì. Ohun tó máa là á fún yín ni áàpù báńkì. Ẹ ṣí i lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá rí ìdúnàádúrà náà níbẹ̀ tí wọ́n kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti dé báńkì, wọ́n sì lè sọ ìdí rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, inú káàdì tàbí ẹnu ẹ̀rọ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Ẹ tún lo àǹfààní yẹn láti rí i dájú pé owó kò ti lọ kí ẹ tó san òmíràn.

Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni kí ẹ fi kàn án. Ẹni tó bá fi kàn án lẹ́ẹ̀mẹfà kò ní rí èsì tuntun, báńkì mìíràn sì lè fura sí i.

Bí ó bá kọ̀ tó sì dún: òǹkà ni ẹ kọ́kọ́ fura sí

Ìgbà àkọ́kọ́ tí ti Àǹtí mi kọ̀, ọjọ́ Ẹtì ni, ní ìsọ̀ ẹran kan ní Rye Lane. Owó ẹran jẹ́ £34.60. Ẹ̀rọ dún, ó ní kí wọ́n ti káàdì bọ ihò. Inú bí wọn, wọ́n fi fóònù san án. Ní Sátidé, káàdì tún kọ̀ ní ilé ìtajà oògùn, fóònù ni wọ́n tún lò. Ní Sọ́ńdè, bákan náà. Wọ́n pè mí pé káàdì ti bàjẹ́.

Mo ní kí wọ́n ka ohun tí wọ́n ti fi káàdì náà kan ẹ̀rọ ní ọ̀sẹ̀ yẹn fún mi láti inú áàpù: £48.20, £62.75, £91.40, £70.10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £272.45. Ẹ fi £34.60 ti ẹran kún un, ó di £307.05. Bí mo ṣe gbọ́ iye yẹn ni mo rẹ́rìn-ín.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Ní Ìlú Ọba, £100 ni wọ́n gbé gbèdéke ìsanwó láìtẹ píìnì dé ní 15 oṣù Kẹwàá 2021, bó tilẹ̀ jẹ́ pé £10 péré ni nígbà tí irú ìsanwó yìí bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní 2007. Gbèdéke yẹn gbogbo ènìyàn mọ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé òǹkà kan tún wà lẹ́yìn rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ ti tẹ píìnì kẹ́yìn ni báńkì ti ń kà: àwọn kan ń ka owó, bí àpapọ̀ rẹ̀ bá fẹ́ kọjá £300 wọ́n á béèrè píìnì, àwọn mìíràn ń ka iye ìgbà, bí ẹ bá ti fi kàn án lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìkẹfà di ti píìnì. Nítorí olè ni wọ́n ṣe ṣe é. Ẹni tó bá jí káàdì yín kò lè máa fi í kiri ọjà títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Báńkì Àǹtí mi, owó ló ń kà. Bí ẹ bá ń ra nǹkan kéékèèké lọ́dọ̀ báńkì tó ń ka iye ìgbà, búrẹ́dì £1.40 lè jẹ́ èyí tó máa kọ̀, ẹ ó sì máa ṣe kàyéfì pé kí ni £1.40 ṣe.

Kí wá ló dé tí fífi fóònù san án fún ọjọ́ mẹ́ta kò tún un ṣe? Nítorí pé fóònù kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òǹkà ike, ìyẹn káàdì fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fi káàdì sínú fóònù, nọ́ńbà mìíràn ni wọ́n fi rọ́pò ti káàdì nínú rẹ̀, ìka ọwọ́ yín tàbí ojú yín sì ni ẹ̀rí tó ń jẹ́ nígbà tí ẹ bá ń sanwó. Ìdí nìyẹn tí fóònù fi ń lọ geere nígbà tí ike ń kọ̀. Káàdì kan náà ni, owó kan náà ni, ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ méjì ni.

Ohun tí ẹ máa ṣe rọrùn. Ẹ ra ohunkóhun, kódà ó lè jẹ́ omi inú ike, ẹ ti káàdì bọ ihò, ẹ tẹ píìnì, ẹ sì fi káàdì sílẹ̀ níbẹ̀ títí ẹ̀rọ á fi kọ `REMOVE CARD`. Ẹ dákun, ẹ má fà á yọ kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀. Ní ti àwọn káàdì kan, inú ṣíìpù fúnra rẹ̀ ni òǹkà wà, báńkì ló sì ń ránṣẹ́ wá láti dá a padà sí òdo, nípasẹ̀ ẹ̀rọ tí káàdì wà nínú rẹ̀. Ìparí ìdúnàádúrà ni ìránṣẹ́ yẹn máa ń dé. Ẹni tó bá kánjú yọ káàdì ti jáde nílé kí oníṣẹ́ tó kan ilẹ̀kùn.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ. Lọ́jọ́ yẹn kan náà, kí ẹ tó fi káàdì náà ra nǹkan mìíràn, ẹ fi kan ẹ̀rọ fún ohun tí kò tó £5. Bí ó bá gbà, òǹkà ni, ọ̀rọ̀ ti tán. Bí ó bá tún kọ̀, ẹ lọ sí ẹ̀rọ ATM báńkì yín, ẹ tẹ píìnì, ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì tàbí kí ẹ gba £10, kí ẹ sì tún dán an wò. Bí ó bá kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn pẹ̀lú, kì í ṣe òǹkà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ tún lọ tẹ píìnì lẹ́ẹ̀kẹta.

Ti Àǹtí mi gbà lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé gbogbo rẹ̀ nìyẹn?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, gbogbo rẹ̀ nìyẹn." Irọ́ ni mo pa láìmọ̀.

Ẹ wo ohun tí bọ́ọ̀sì ń ṣe

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi ya káàdì tó bàjẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí òǹkà rẹ̀ kún, tí kò sì ná yín ju owó ọkọ̀ tí ẹ ti fẹ́ wọ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Òfin òǹkà tí mo sọ yẹn yọ ẹ̀rọ ọkọ̀ àti ti ibùdó ìgbọ́kọ̀sí sílẹ̀. Nítorí náà, bí káàdì bá kọ̀ ní ìsọ̀ ṣùgbọ́n tí bọ́ọ̀sì gbà á, ike yín pé, àńténà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Òǹkà tàbí báńkì ni kí ẹ dojú kọ.

Ẹ má yí i padà o. Bí bọ́ọ̀sì bá kọ̀ ọ́, kò fi dandan jẹ́ pé ike ló bàjẹ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, TfL, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò níbẹ̀, máa ń ka gbogbo ìrìn ọjọ́ kan pọ̀, wọ́n á sì gba owó rẹ̀ lẹ́yìn tí ọjọ́ bá parí. Bí báńkì kò bá san owó yẹn, bóyá nítorí pé àkáǹtì gbẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á ti káàdì náà mọ́ ìta títí gbèsè á fi tán. Gbogbo ìsọ̀ á gbà á, bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ nìkan ni kò ní gbà á. Bí tiyín bá rí báyìí, ẹ lọ sórí ìkànnì TfL, ẹ wá káàdì náà, ẹ san ohun tó kù. Ẹ má wulẹ̀ pe báńkì, wọn kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́: àńténà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n tún pè mí. "Káàdì yìí tún ti bẹ̀rẹ̀." Wọ́n ti tẹ píìnì lẹ́ẹ̀mejì gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ wọn, kò gbà. Mo béèrè pé ṣé ẹ̀rọ ń dún. Wọ́n ní rárá, ńṣe ló ń wò wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká wo inú káàdì díẹ̀. Ṣíìpù kan ṣoṣo ló wà nínú ike yẹn, ọ̀nà méjì ni a sì lè gbà bá a sọ̀rọ̀. Èkíní ni àwo aláwọ̀ wúrà tí ẹ ń rí lójú káàdì: bí ẹ bá tì í bọ ihò, irin inú ẹ̀rọ á kan àwo yẹn, iná á wọlé tààrà. Èkejì ni wáyà tín-ín-rín tí wọ́n tẹ́ sí àárín ike, tó yí etí káàdì po bí ìlẹ̀kẹ̀ ìdí. Òun ni àńténà. Káàdì kò ní bátìrì. Ẹ̀rọ ló ń rán ìgbì afẹ́fẹ́ jáde ní 13.56 MHz, wáyà yẹn á gbà á, á sì sọ ọ́ di iná díẹ̀ tí ṣíìpù á fi jí. Kò ju nǹkan bí sẹ̀ntímítà mẹ́rin lọ tí ìgbì náà fi ń lágbára tó. Bí wáyà yẹn bá já ní ojú kan ṣoṣo, ṣíìpù kò ní jí láéláé bí ẹ bá fi kan ẹ̀rọ, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ bí ẹ bá tì í bọ ihò.

Kí ẹ tó dá wáyà lẹ́bi, ẹ mú ohun tó rọrùn kúrò ná. Ẹ yọ káàdì jáde kúrò nínú pọ́ọ̀sì. Bí káàdì méjì bá dì mọ́ ara wọn, ẹ̀rọ á gbọ́ ohùn méjì, kò sì ní dá ọ̀kan lóhùn. Nígbà mìíràn èyí tí ẹ kò fẹ́ ló máa gba owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ dúró kí iye owó hàn lójú ẹ̀rọ. Ẹ wá àmì ìlà mẹ́rin tó tẹ̀ bí ìgbì, nítorí ibi tí àmì yẹn wà ni ẹ máa gbé e lé: lórí ẹ̀rọ kan, ojú rẹ̀ ni; lórí òmíràn, orí rẹ̀ lókè. Mo ti rí ẹni tó ń fi káàdì na ibi tí wọ́n ń tẹ nọ́ńbà sí, bí ẹni tó ń pa eṣinṣin. Ẹ gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ kà dé méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ dán an wò ní ìsọ̀ mìíràn, nítorí pé àwọn ìsọ̀ kan ti pa irú ìsanwó yìí lórí ẹ̀rọ wọn tàbí kí ẹ̀rọ wọn ti gbó. Bí ti ẹni tó wà níwájú yín bá gbà tí tiyín dákẹ́, ní ìsọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, káàdì yín ni.

Ẹ lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nílé. Bí ẹ bá ní fóònù Android, ẹ lọ sí ètò rẹ̀, ẹ tan `NFC`, ẹ ṣí ojú fóònù sílẹ̀, kí ẹ wá fi káàdì rọra ra ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ àpò fóònù tó bá nípọn kúrò. Káàdì tó pé á mú kí fóònù dún tàbí kó gbọ̀n, ó tilẹ̀ lè sọ pé òun kò ní áàpù tó lè lo ohun tí òun rí. Ohun tí a fẹ́ gbọ́ náà nìyẹn. Ẹ kọ́kọ́ fi káàdì mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ dán an wò, kí ẹ lè mọ ibi tí fóònù ti ń gbọ́. Bí èyí tó dáa bá dún, tí èyí tí ẹ ń fura sí kò dún lẹ́ẹ̀mẹwàá, àńténà ti já. Ẹ má torí èyí lọ gba áàpù tí ẹ kò mọ ẹni tó ṣe é, tó ní òun máa ka káàdì fún yín. A kò fẹ́ kí ohunkóhun ka nọ́ńbà rẹ̀. Ariwo lásán la ń wá.

Àǹtí mi kò ní Android, nítorí náà mo lọ sílé wọn. Wọ́n mú káàdì wá. Ó so mọ́ okùn ọrùn, pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ ibi iṣẹ́ wọn. Àwọn arúgbó ni wọ́n ń tọ́jú, láti ilé dé ilé, ọwọ́ wọn kì í sì í ráyè wá pọ́ọ̀sì lórí bọ́ọ̀sì. Wọ́n ti fi ohun tí a fi ń lu ìwé lu ihò sí igun káàdì báńkì, wọ́n sì fi okùn gba inú rẹ̀ kọjá. Ó rẹwà o. Mo tan iná fóònù sẹ́yìn ike náà nínú òkùnkùn. Nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ funfun, a rí àwọn ìlà tín-ín-rín tó ń yí etí rẹ̀ ká, a sì rí ihò náà gẹ́lẹ́ láàárín wọn.

"Ṣùgbọ́n mi ò fọwọ́ kan ibi wúrà yẹn," ni wọ́n wí. Bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò fọwọ́ kàn án. Ìdí tí ihò fi ń gbà á nìyẹn.

Lílu ihò ṣọ̀wọ́n. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni káàdì tí wọ́n ń jókòó lé nínú àpò ẹ̀yìn ṣòkòtò, tó ń tẹ̀ lójoojúmọ́ títí ike á fi sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣíìpù. Irú ìyẹn kì í kú lẹ́ẹ̀kan náà. Á gbà lónìí, á kọ̀ lọ́la, á gbà bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, nítorí pé ojú wáyà tó já ṣì ń kan ara wọn nígbà mìíràn. Bí káàdì bá ń ṣe bíi ti ẹni tí ìbínú ń gùn, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àwo wúrà yẹn nínú iná bóyá ẹ ó rí ìlà tó sán.

Kò sí àtúnṣe. Bí ẹ bá fi gúlúù lẹ̀ ẹ́, tàbí tí ẹ fi aṣọ nù ún, asán ni. Nínu àwo wúrà, ìhà ihò ló ń ràn lọ́wọ́, kì í ṣe ìhà àńténà. Káàdì tuntun ni ẹ máa béèrè.

Bí ó bá dún, tí píìnì kò tún un ṣe: báńkì

Kò pọ̀ níhìn-ín. Ẹ ṣí áàpù, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣètò káàdì, ẹ wá bọ́tìnnì kan tó jẹ mọ́ `Contactless`. Ọ̀pọ̀ áàpù báńkì ní Ìlú Ọba ló ní in báyìí, ìka sì lè ṣèèṣì kàn án. Bí ó bá wà ní pípa, ìsanwó láìtẹ píìnì nìkan ló pa, ihò ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ tan án, kí ẹ sì sanwó kan pẹ̀lú píìnì kí ẹ tó dán an wò, nítorí àwọn báńkì kan ń dúró de ìyẹn kí àṣẹ tuntun tó wọ káàdì.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì yẹn, ẹ wo bóyá gbèdéke wà. Àwọn báńkì kan ń jẹ́ kí ẹ dín in kù fúnra yín. Mo mọ bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ bá a gbé e sí £30 nítorí ìbẹ̀rù olè, tó sì gbàgbé láti sọ fún un. Gbogbo ohun tó bá lé ní £30 ń kọ̀, gbogbo ohun tó bá wà nísàlẹ̀ ń gbà, bàbá sì gbà pé àwọn ìsọ̀ ńlá ló kórìíra òun. Bí kíkọ̀ bá ń tẹ̀ lé iye owó báyìí, gbèdéke ni.

Bí ẹ bá wá pe báńkì, ẹ má sọ pé "káàdì mi kò ṣiṣẹ́." Wọ́n á wò ó, wọ́n á rí i pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ sọ ọjọ́, wákàtí, iye owó, àti pé ẹ fi kan ẹ̀rọ ni, ó dún, ó kọ̀. Pé ẹ ti káàdì kan náà bọ ihò ní ẹsẹ̀ kan náà, ó gbà. Pé ẹ ti tẹ píìnì ní ATM, kò yí padà. Ẹ béèrè pé, "Ṣé ẹ rí ìbéèrè tó kọ̀ yẹn lọ́dọ̀ yín, kí sì ni ìdí tó wà níwájú rẹ̀?" Bí wọ́n bá rí i, wọ́n á ka ìdí rẹ̀. Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, ẹ ní kí wọ́n fi káàdì tuntun ránṣẹ́.

Fún ẹni tó ń lo káàdì náírà nílé, ọ̀nà ìwádìí kan náà ni, àmọ́ gbèdéke yàtọ̀: ìlànà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà gbé jáde ní 2023 fi í sí ₦15,000 fún ìsanwó kan, àti ₦50,000 lápapọ̀ lóòjọ́.

Kí káàdì tuntun tó dé

Ẹ fi fóònù sanwó, ẹ sì máa ti ike bọ ihò. Bí ẹ bá jẹ́ ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ọkọ̀ ojú irin: lójú TfL, fóònù àti ike kì í ṣe ohun kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ ń fa owó láti inú àkáǹtì kan. Bí ẹ bá fi ọ̀kan wọlé tí ẹ fi èkejì jáde, ìrìn méjì tí kò parí ni wọ́n á kà sí yín lọ́rùn, owó tó ga jù ni wọ́n sì máa gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá fi wọlé ni kí ẹ fi jáde.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ báńkì bóyá nọ́ńbà káàdì á yí padà. Bí ó bá máa yí, ẹ ṣe àkọsílẹ̀ ibi tí ẹ ti fi nọ́ńbà àtijọ́ sí, bí àwọn ibi tí ẹ ń san owó oṣooṣù fún wíwo fíìmù. Owó iná àti owó ilé tó ń jáde láti inú àkáǹtì fúnra rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára.

Káàdì tuntun Àǹtí mi dé ní ọjọ́ kẹrin. Mo ti ní kí wọ́n má lu ihò sí i, wọ́n sì ra àpò ike kékeré tó ní okùn. Lọ́jọ́ kejì, fóònù mi dún ní aago mẹ́jọ àárọ̀.

"Tuntun náà kọ̀!"

"Ṣé ó dún, mà?"

"Ó dún. Ó ní kí n tì í bọ ihò."

"Ṣé ẹ ti fi píìnì sanwó pẹ̀lú rẹ̀ rí láti ìgbà tó dé?"

Wọ́n dákẹ́. Káàdì tuntun kì í sábà gbà kí a fi kan ẹ̀rọ ní ìsọ̀ títí a ó fi tì í bọ ihò lẹ́ẹ̀kan, tí a ó sì tẹ píìnì. Ó wà nínú ìwé tó bá a wá. Ìwé yẹn ti wà nínú pàǹtírí láti àná.